Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi: mo ti rí iṣẹ́ tuntun, ọ̀gá mi ò sì gbọ́

Ìbéèrè mi: “Báwo ni mo ṣe lè wá iṣẹ́ kí ọ̀gá mi má mọ̀, kí ló sì tó torí ẹ̀ fi iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sílẹ̀?”

Mo ti fọwọ́ síwèé ibi tuntun. Nínú èsì tí ẹ fún mi, àbá ẹni tó ti ń gbani síṣẹ́ ló ṣiṣẹ́ jù: mo ní kí wọ́n má kàn sí ọ̀gá mi àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá fún mi ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, mo sì fi ọ̀gá mi àtijọ́ ṣe ẹlẹ́rìí.

“Open to Work” lórí LinkedIn, ìyẹn àmì pé èèyàn ń wá iṣẹ́, tí mo ṣí fún àwọn agbanisíṣẹ́ nìkan, dáa díẹ̀. Ṣùgbọ́n LinkedIn fúnra wọn ò fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní hàn síbi iṣẹ́ ẹni. Mo pa á.

Ẹlòmíì tó dá mi lóhùn, tí wọ́n dá dúró níṣẹ́, ní kí n ṣáà wo owó. Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ sí tiẹ̀. Mo kọ ohun tó ń ni mí lára sílẹ̀, mo sì kọ́kọ́ ní kí wọ́n tún wọn ṣe níbi tí mo wà. Wọ́n tún àkókò iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò sí àyè ìgbéga lókè mi. Ìyẹn ni mo torí ẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́fà ìdánwò níbi tuntun ló kù. Wọn ò gbà láti dín in kù. Ẹ ṣé gan-an.