Ìròbòtò, ìrísí, àbí ìbàdí? Ìjíròrò lórí orúkọ àwọn òṣùwọ̀n ara tuntun

Àṣàkẹ́ béèrè:

Ẹ̀yin àgbà, mo ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún ilé ìwòsàn. Òṣùwọ̀n ara mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Mo pe BMI, ìyẹn "body mass index", ní "òṣùwọ̀n ìsanra", mo pe BRI, ìyẹn "body roundness index", ní "òṣùwọ̀n ìròbòtò ara", mo sì pe ABSI, ìyẹn "a body shape index", ní "òṣùwọ̀n ìrísí ara kan". Ìwọ̀n ìbàdí ni méjì ìkẹyìn dá lé. Ṣé wọ́n tọ́?

Baba Olùkọ́:

Mo kí olùbéèrè, ṣùgbọ́n n kò lè kí "ìròbòtò" rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni "ì-" yìí máa ń so mọ́ kí ó tó di orúkọ: a ní "rìn", a sì ní "ìrìn", a ní "sanra", a sì ní "ìsanra". "Roboto" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Nǹkan a máa *rí* roboto ni, nítorí náà, bí a óò bá sọ ọ́ di orúkọ, a ní láti mú "rí" dání, kí ó di "ìrí-roboto". Àwọn tí ó kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni kò ní jẹ́ kí irú èyí kọjá lójú wọn láìfa bírò pupa sí i nídìí, ṣùgbọ́n ayé ti di ayé ẹni tí ó bá ti ní fóònù lọ́wọ́.

Ohùn ni ó tún bí mi nínú jù. Bí rogodo ṣe yàtọ̀ sí rògòdò, bẹ́ẹ̀ ni roboto ṣe yàtọ̀ sí ròbòtò: ohùn àárín fún èyí tí ó kéré, ohùn ìsàlẹ̀ fún èyí tí ó tóbi. Ẹ ti fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i, ẹ sì ti tipa bẹ́ẹ̀ sọ pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá wọ̀n ni ó tóbi, kí wọ́n tó na téèpù rárá. Ní ti "kan" tí ó jókòó sí ìdí ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ó ń wá níbẹ̀?

Oníṣirò:

Ẹ kú ìṣẹ́, Baba. "Kan" yẹn kò ní ìtumọ̀ kankan. Nir Krakauer àti Jesse Krakauer ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n náà jáde ní 2012, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tíńtín náà sí iwájú orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, débi pé òun ni ó fún ìgékúrú náà ní lẹ́tà A. Ẹ yọ ọ́ dànù.

Lórí ohùn, mo wà lẹ́yìn Baba, ìṣirò náà sì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Diana Thomas, onímọ̀ ìṣirò, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe BRI ní 2013. Wọ́n wo ara ènìyàn bí ẹni pé ó gùn róbótó bí ẹyin, wọ́n sì lo irú ìṣirò tí a fi ń mọ bí ọ̀nà tí pílánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀ yí oòrùn ká ṣe jìnnà sí òbíríkítí tó. Ẹni gbọọrọ yóò wà ní àyíká 1, ẹni tí ó rí ròbòtò pátápátá lè dé nǹkan bí 16. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2024 lórí àgbàlagbà 32,995 ní Amẹ́ríkà rí i pé ìhà méjèèjì ni ewu wà: ikú pọ̀ láàárín àwọn tí tiwọn jẹ́ 6.91 sókè ju láàárín àwọn tí ó wà láàárín lọ, ṣùgbọ́n ó pọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn tí kò tó 3.41 pẹ̀lú. Orúkọ tí ohùn rẹ̀ bá ti sọ pé títóbi nìkan ni à ń wá ti gbójú fo ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Mo kọ ìlànà méjèèjì sísàlẹ̀ yìí. WC ni àyíká ìbàdí tí a wọ̀n, H ni gíga, mítà sì ni a fi ń ka méjèèjì. BMI ni ìwúwo ní kílò, tí a fi gíga pín lẹ́ẹ̀mejì.

```
BRI  = 364.2 - 365.5 * sqrt(1 - (WC / (pi * H))^2)
ABSI = WC / (BMI^(2/3) * H^(1/2))
```

Àkànní, Lọ́ńdọ̀n:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ó kàn mí. Gíga mi jẹ́ mítà 1.70, mo wọn kílò 78, dókítà mi sì ní BMI mi jẹ́ 27, pé mo ti kọjá ààlà. Mo bá lọ ṣe BRI fúnra mi. Ṣòkòtò 34 ni mò ń wọ̀, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 86 ní ìbàdí. Ohun tí ó jáde ni 3.47. Mo ti wá rí i pé BRI dára ju BMI lọ nítorí pé ó fi ìbàdí kún ìwúwo, kì í ṣe ìwúwo nìkan ni ó ń wò. Ṣé kí n mú un lọ fún dókítà mi?

Oníṣirò:

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ dáadáa, àbúrò. Ìwúwo kò sí nínú BRI rárá. Àyíká ara àti gíga nìkan ni ó wà níbẹ̀, èyí sì túmọ̀ sí pé ẹni tí àyíká rẹ̀ bá pọ̀ jù nígbà tí a bá fi gíga rẹ̀ pín in ni BRI rẹ̀ yóò pọ̀ jù, láìyẹ̀. Bí ẹ bá to ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú BRI, tí ẹ sì tún fi ìpín ṣákálá yẹn tò wọ́n, ẹsẹ̀ kan náà ni wọn yóò dúró sí. Gbòǹgbò onílọ́po-méjì tí ó wà nínú rẹ̀ kàn ń yí nọ́ńbà padà ni, kò yí ipò ẹnikẹ́ni padà. ABSI ni ìwúwo wà nínú rẹ̀, nípasẹ̀ BMI.

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ohun tí ó ká mi lára nínú ìwé pélébé náà kì í ṣe roboto. "Ìbàdí" ni. Bí mo bá ní kí ìyá kan wọn ìbàdí rẹ̀, ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ń wà ni yóò fa téèpù mọ́. Bí mo bá sọ ọ́ fún ọkùnrin, ibi tí bẹ́líìtì rẹ̀ wà ni, lábẹ́ ikùn tí ó yọ síwájú. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ibi tí à ń wọ̀n nínú méjèèjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a wá egungun ìhà tí ó kéré jù nísàlẹ̀, kí a wá orí egungun ìgbáròkó, kí a sì fa téèpù yí agbede méjì wọn ká, lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ti kó iye tí Oníṣirò ń kà jọ máa ń wọ̀n ọ́n ní orí ìgbáròkó gan-an. Díẹ̀ ni ó wà láàárín ibi méjèèjì yìí, ṣùgbọ́n ti ṣòkòtò jìnnà sí wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Àkànní, ẹ má bínú, nọ́ńbà tí télọ̀ kọ sára ṣòkòtò kì í ṣe ìwọ̀n ara yín. Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ wá egungun méjèèjì, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Àkànní, Lọ́ńdọ̀n:

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, mo ti ṣe é. Àyíká ikún mi jẹ́ 104. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé n kò gbà á gbọ́. BRI ti di 5.70. Àwọn tí ń ṣe ìlànà ìlera níbí ti ní láti 2022 pé kí àyíká ara má ṣe tó ìdajì gíga ẹni, ìyẹn 85 fún mi. Mo ti rò pé sẹ̀ǹtímítà kan péré ni mo fi kọjá.

Baba Olùkọ́:

Ikún ni ẹran tí ó ń jẹ ẹ̀pà lóko. Ikùn ni ẹ wọ̀n, àbí ẹran ni ẹ dè mọ́ra?

Àkànní, Lọ́ńdọ̀n:

Ẹ má bínú, Baba. Fóònù ni.

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta:

Ọmọ náà ń sọ ti ara rẹ̀, Baba ń sọ ti ohùn. Ara kan náà, ìwúwo kan náà, BMI kan náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò tọ́ka síbi tí ó yẹ ni ó gbé 3.47 fún un dípò 5.70. Kí Àṣàkẹ́ kọ "àyíká ikùn", kí ó sì ya àwòrán egungun méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó sọ fún aboyún pẹ̀lú pé òṣùwọ̀n náà kò sí fún un.

Baba Olùkọ́:

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo fara mọ́ "àyíká ikùn". N kò fara mọ́ "òṣùwọ̀n ìsanra" fún BMI, ẹnikẹ́ni kò sì tíì fọhùn sí i. Ọkùnrin tí ó ń gbé irin lè wúwo láìsanra. Ọ̀dọ̀ dókítà tí ń wo aláìsàn ni mo gbọ́ pé ó ti wá, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀.

Oníṣirò:

Ìdajì òótọ́ ni, Baba. Adolphe Quetelet, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà láàárín àwọn ọdún 1830. Onímọ̀ ìràwọ̀ àti onímọ̀ ìṣirò ni, kì í ṣe dókítà, bí gbogbo ènìyàn láwùjọ ṣe rí ni ó ń wá. Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí, ní 1972. "Ìwúwo sí gíga" ni kí a pè é.

ABSI ni kò jẹ́ kí n sinmi. Àṣàkẹ́ pè é ní "ìrísí ara", bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe é náà pè é, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe kọ́ nìyẹn. Ó ń bi wá pé: lẹ́yìn tí a ti mọ ìwúwo àti gíga ẹni yìí, ṣé ikùn rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ìwúwo àti gíga náà fi yẹ kó ní lọ? Wọ́n dìídì ṣe é kí ó má ṣe tún ohun tí BMI ti sọ sọ. Ti Àkànní, pẹ̀lú 104, jẹ́ 0.0886, tí ìbá jẹ́ 0.0733 bí ó bá jẹ́ 86 lóòótọ́. Ẹyọ nọ́ńbà yẹn nìkan kò tíì sọ nǹkan kan. A ní láti fi wé ti àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, nítorí pé ó máa ń gòkè bí a ṣe ń dàgbà.

Ẹ wá wo ibi tí ó ti ń ṣi ni lọ́nà. Ká ní Àkànní dín ìwúwo rẹ̀ kù láti 78 sí 68, tí ikùn rẹ̀ sì fà láti 104 sí 100. BMI rẹ̀ yóò bọ́ sí 23.5, BRI rẹ̀ yóò bọ́ sí 5.16. ABSI rẹ̀ yóò *gòkè* sí 0.0934, nítorí pé ìwúwo sáré dín kù ju ikùn lọ. Ẹni tí ó bá fi í tọpa bí òun ṣe ń rù yóò rò pé òun ń bàjẹ́. Nítorí náà mo dá "àṣẹ́kù ikùn" lábàá.

Baba Olùkọ́:

"Àṣẹ́kù ikùn" ni oúnjẹ àná. Ẹ má kó ìtìjú bá èdè.

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta:

Aláìsàn yóò bi mí pé ta ni ó jẹ ìyókù. Ẹ fi "ìrísí" sílẹ̀ fún un, kí a sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò sí fún ẹni tí ń gbìyànjú láti rù. Ní tòótọ́, n kò rí ìdí tí ìwé pélébé fi nílò rẹ̀. Téèpù àti gíga ti tó mi ní kílíníìkì.

Oníṣirò:

Kílíníìkì nìkan kọ́ ni a ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò fi Yorùbá kọ ìwádìí lọ́la ńkọ́? Ìrísí àti àṣẹ́kù kì í ṣe ohun kan náà, n kò sì ní gbà pé kí a gbé àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì wọlé nítorí pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ ṣe é.

Àṣàkẹ́:

Mo dúpẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ "ìwúwo sí gíga", "ìrí-roboto" àti "àyíká ikùn", pẹ̀lú àwòrán egungun. Mo ti yọ "kan". Àlàfo ni mo fi sílẹ̀ fún ABSI títí di ọjọ́ Ẹtì tí ìwé yóò wọ ilé ìtẹ̀wé.

Baba Olùkọ́:

Àmì ìsopọ̀ tí ó wà láàárín "ìrí" àti "roboto" ńkọ́? N kò rántí pé mo fọwọ́ sí i.

Oníṣirò:

Ẹ̀yin gan-an ni ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà yín àkọ́kọ́, Baba.