Aṣàyẹ̀wò òfò tí ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì rán sí mi ń bi mí ní ìbéèrè bí ẹni pé èmi ni mo dáná sun ṣọ́ọ̀bù mi

Adùkẹ́: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Iná jó ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọpẹ́ ni pé kò sí ẹni tó bá a lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń san owó inṣọ́ránsì, n kò jẹ́ kí ó pẹ́ rí, n kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn rí. Mo pè wọ́n ní ọjọ́ kejì iná náà, wọ́n sì ní àwọn yóò rán aṣàyẹ̀wò òfò sí mi. Mo rò pé ẹni tí yóò bá mi kẹ́dùn, tí yóò ka ohun tó jó, tí yóò sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ọkùnrin náà dé, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ya fọ́tò títí, ó fi téèpù wọn àwọn pẹpẹ tí a ń to aṣọ sí, títí kan èyí tó ti jó kù díẹ̀, ó sì lóṣòó nínú eérú, ó ń ka àwọn páálí roboto tí a ń ká aṣọ mọ́. Ó pe ọmọ tó ń bá mi tajà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bi í ní ohun kan náà tó ti bi mí. Ó béèrè ẹni tó ti ilẹ̀kùn kẹ́yìn. Ó béèrè bóyá mo jẹ gbèsè. Kí ni gbèsè mi kan iná? Ó tún ní kí n wá ìwé ọjà tí mo rà, ìwé tí mo fi ń kọ títà, àti àkọsílẹ̀ báńkì ti ọdún kan gbáko. Ó fi ìwé kan sílẹ̀ pé kí n buwọ́ lù ú kí òun tó padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Onílé náà kò jẹ́ kí n sinmi, ó ní kí n kó pàǹtí iná kúrò nílẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyí, àbí ọkùnrin yìí ti pinnu pé olè ni mí?

Káyọ̀dé: Arábìnrin mi, ẹ má buwọ́ lu ohunkóhun, ẹ má sì fún un ní ìwé kankan. Ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó fún un, ta ni yóò wá ṣiṣẹ́ fún bí kò ṣe ẹni tó ń fún un lówó? Ẹ wá ẹni tiyín tí yóò bá yín bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn nìyẹn, ìdá díẹ̀ nínú owó tó bá jáde ni wọn yóò gbà.

Ṣadé: Èyí yà mí lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n kọ lu mọ́tò mi, ẹni tí wọ́n rán wá ya fọ́tò ara ọkọ̀ nìkan, ó sì lọ. Kò béèrè ìwé báńkì. Ẹ ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn.

Bàbá Ẹniọlá: Ẹ kú ewu iná, ìyá wa. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin yẹn ń wá. Ti mọ́tò yàtọ̀, ọmọ mi Ṣadé, nítorí pé mọ́tò wà nílẹ̀ tí a lè wò. Ohun tó ti di eérú ni a gbọ́dọ̀ fi ìwé àti ìyókù rẹ̀ mọ̀. Aṣọ tí a ká mọ́ra gírígírí kì í jó tán bọ̀rọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọ àárín rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò dú, inú rẹ̀ yóò kù pẹ̀lú páálí tí a ká a mọ́, ìdí nìyẹn tí ó fi ń kà wọ́n. Pẹpẹ tí ó wọ̀n yóò jẹ́ kí ó mọ iye tó lè gbà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun to 600 síbi tí kò lè gba ju 300 lọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí onílé kó pàǹtí náà dànù. Ẹ kọ̀wé sí aṣàyẹ̀wò náà pé onílé ń fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹ sì béèrè bóyá òun ti rí ohun tó fẹ́ rí. Ìdáhùn tó kọ sílẹ̀ ni kí ẹ gbà, ẹ má gba ti ẹnu.

Ní ti gbèsè àti ọmọ tí ó pè sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí ẹni tí a kì í bi ní ọ̀rọ̀ gbèsè nígbà tí iná bá jó ọjà. Ó ń bi ọmọ náà lọ́tọ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹnìkan má baà darí ti ẹnìkejì. Kò fi yín pe olè. Kò sì ní àṣẹ láti sanwó tàbí láti kọ̀ ọ́: yóò kọ ìròyìn, yóò dá àbá, ilé-iṣẹ́ ni yóò pinnu.

Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé tí ó ní kí ẹ buwọ́ lù? Iye ọjà wo ni ìwé inṣọ́ránsì yín sọ pé ẹ dáàbò bò, báwo sì ni ẹ ṣe ṣírò òfò yín?

Màmá Tòbí: Ọ̀rọ̀ pàǹtí yẹn ni kí ẹ gbọ́, Adùkẹ́. Páìpù omi fọ́ ní ilé ìkẹ́rùsí mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo páálí ìwé rẹ̀ di ẹ̀kọ. Nítorí òórùn, mo kó gbogbo rẹ̀ dànù kí wọ́n tó dé. Ìwọ̀nba èyí tí ọmọ mi yà ní fọ́tò ni wọ́n gbà, kò sì tó ìdajì ohun tí mo pàdánù.

Adùkẹ́: Ẹ ṣeun, Bàbá. Pàǹtí ṣì wà níbẹ̀. Ìwé náà sọ pé wọn yóò máa ṣèwádìí lọ, ṣùgbọ́n pé ìwádìí náà kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà láti sanwó. Ṣé ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ẹni tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó nìyẹn? Ní ti òfò, mílíọ̀nù 6.25 ni mo kọ fún gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀. Ní ti gbèsè, mo jẹ báńkì, ṣùgbọ́n mò ń san án bó ṣe yẹ, n kò sì rí ìdí tí n óò fi sọ ọ́ fún àlejò.

Káyọ̀dé: Ẹ rí i báyìí? Wọ́n ti ń wá ọ̀nà láti sá.

Bàbá Ẹniọlá: Káyọ̀dé, ọ̀rọ̀ rẹ kò ṣòfo, torí pé ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó fún aṣàyẹ̀wò lóòótọ́, ẹ̀tọ́ Adùkẹ́ sì ni láti gba aṣojú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá fi ìwé hàn, àdéhùn inṣọ́ránsì fúnra rẹ̀ ni yóò ṣẹ̀ sí, nítorí pé ó sọ níbẹ̀ pé ẹni tó ń béèrè owó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn. Ìwé tí wọ́n fún un yẹn, wọ́n sábà máa ń fúnni. Kò gba ẹ̀tọ́ àtibéèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó buwọ́ lù ú, àmọ́ kí ó kà á délẹ̀, kí ó sì gba ẹ̀dà. Èyí tí kò gbọ́dọ̀ kánjú buwọ́ lù ni èyí tó bá sọ pé ó ti gba owó báyìí báyìí, kò sì tún ní béèrè ohun mìíràn mọ́.

Ìyá wa, báwo ni ẹ ṣe rí 6.25? Ẹ kò sì tíì dá wa lóhùn nípa iye inú ìwé.

Adùkẹ́: Nígbà tí a ka ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ohun tó wà nílẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 4. Mo ra ti mílíọ̀nù 9 kún un. Mo ti ta ti mílíọ̀nù 10. Ohun tí mo bá rà ní 100, 125 ni mò ń tà á. Mo ṣírò ìyókù ní iye tí n bá tà á ni.

Bàbá Ẹniọlá: Àkọsílẹ̀ yín dára ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹ wò ó: 4 àti 9 jẹ́ 13. Bí aṣàyẹ̀wò tí kò fara balẹ̀ bá yọ 10 kúrò, yóò ní 3 ló kù, ẹ óò sì pàdánù. Iye tí ẹ tà á ni 10 yẹn, èrè wà nínú rẹ̀. Iye tí ẹ rà á jẹ́ 8, nítorí náà 5 ló kù nílẹ̀. Ẹ dúró lórí 5 yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fa 6.25 yín padà, nítorí pé inṣọ́ránsì ọjà lásán kì í san èrè tí a kò tíì jẹ. Iye tí ẹ óò fi tún irú rẹ̀ rà ni wọ́n ń wò.

Màmá Tòbí: Adùkẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá ti béèrè iye inú ìwé. Kí ló dé tí ẹ ń fò ó?

Adùkẹ́: Ẹ má bínú, Màmá. Mílíọ̀nù 3 ni. Nígbà tí mo gba ìwé náà, ọjà mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni mo gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, mo sì wó ògiri àárín kí méjèèjì lè di ọ̀kan. Ibẹ̀ ni iná ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá wáyà tí a fà kọjá. Gbogbo aṣọ ibẹ̀ ló jó, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.2. Ní ti àkọ́kọ́, 1.8 ló jó nínú 2.8. Ọkùnrin náà bi mí pé ìgbà wo ni mo wó ògiri. Mo ní ó ti pẹ́.

Káyọ̀dé: Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti jẹ́ ọ̀kan.

Bàbá Ẹniọlá: Káyọ̀dé, ìmọ̀ràn yẹn lè mú kí ó pàdánù gbogbo rẹ̀. Ìwé àdéhùn onílé ní ọjọ́ lára, aṣàyẹ̀wò yóò sì rí i. Irọ́ nínú ìbéèrè owó lè mú kí ilé-iṣẹ́ kọ èyí tó tọ́ sí i pàápàá. Ìyá wa, ẹ kọ̀wé sí i kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó dé, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ gba ṣọ́ọ̀bù kejì àti ọjọ́ tí ẹ wó ògiri.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí. Bí wọ́n bá gba ṣọ́ọ̀bù méjèèjì mọ́ ìwé yín, ọjà tó wà nílẹ̀ jẹ́ 5, ẹ sì gba inṣọ́ránsì lórí 3 péré. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún òfò ni wọn yóò san bí ìwé yín bá ní ẹ̀ka ọ̀rọ̀ tó ní kí wọ́n dín owó kù nígbà tí iye inú ìwé kò bá tó iye ọjà, ọ̀pọ̀ ìwé ọjà sì ní in. Òfò jẹ́ 4, nítorí náà 2.4 ni. Bí wọ́n bá sì ní ṣọ́ọ̀bù kejì kò sí nínú ìwé, a jẹ́ pé ọjà ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò náà mọ́. Ọjà ti àkọ́kọ́ jẹ́ 2.8, kò tó 3, nítorí náà kí wọ́n san 1.8 láìdín in kù. Kò yẹ kí wọ́n yọ ṣọ́ọ̀bù kejì sílẹ̀, kí wọ́n sì tún fi ọjà inú rẹ̀ dín ti àkọ́kọ́ kù. Bí aṣàyẹ̀wò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bá a jiyàn. Wọ́n ṣì lè sọ pé ògiri tí ẹ wó láìsọ ti yí ewu ilé náà padà, n kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé wọn kò ní sọ ọ́.

Adùkẹ́: Mo sọ fún ẹni tó máa ń wá gba owó lọ́wọ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ lórí fóònù mi pé mo ti gba ẹ̀gbẹ́. Ó fèsì pé òun yóò wá wò ó. Kò wá.

Màmá Tòbí: Kí ló ṣe yín tí ẹ kò fi sọ èyí láti òwúrọ̀?

Bàbá Ẹniọlá: Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ so ó mọ́ lẹ́tà yín. Ohun tó kù ni láti mọ ẹni tí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ yín yẹn ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ó bá jẹ́ aṣojú ilé-iṣẹ́, ohun tí ẹ sọ fún un sún mọ́ ohun tí ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ gan-an. Bí ó bá jẹ́ alágbàtà inṣọ́ránsì tó dá dúró, aṣojú tiyín ni wọn yóò pè é, ọ̀rọ̀ yín yóò sì wà pẹ̀lú rẹ̀ ná.

Káyọ̀dé: Aṣojú ilé-iṣẹ́ ni. Àwọn ló ń gba owó.

Bàbá Ẹniọlá: Gbígba owó nìkan kò tó láti fi mọ̀, àbúrò.

Adùkẹ́: Orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára káàdì rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ló wà lórí rìsíìtì tí ó ń fún mi. Mo ti ń kọ lẹ́tà náà lọ́wọ́. N óò béèrè lọ́wọ́ aṣàyẹ̀wò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n óò sì ní kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.