Ta ló ti fi ọ̀nà Líápúnọ́fù yẹ pẹ́ńdúlọ̀mù wò rí? Ẹ sọ ìrírí yín

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Wọ́n fún wa ní pẹ́ńdúlọ̀mù tí afẹ́fẹ́ ń fà sẹ́yìn. x1 ni igun, x2 ni ìyára:

```
x1' = x2
x2' = -sin(x1) - 0.5*x2
```

Wọ́n ní ká fi hàn pé yóò padà sinmi nísàlẹ̀, àmọ́ ká má tú ìdọ́gba rẹ̀ rárá. Ọ̀nà Líápúnọ́fù ní ká wá iye V kan tí kò ní lọ sókè bí pẹ́ńdúlọ̀mù ṣe ń rìn. Mo gbé agbára rẹ̀ kalẹ̀: V = 1 - cos(x1) + x2²/2. Òdo ni nísàlẹ̀, ó sì ju òdo lọ ní gbogbo àyíká ibẹ̀. Nígbà tí mo wá wo bí V ṣe ń yí padà, x2·sin(x1) méjèèjì pa ara wọn, ó ku V' = -0.5x2². Inú mi dùn gan-an. N kò mọ ibi tí pẹ́ńdúlọ̀mù náà wà nígbà kankan, síbẹ̀ mo mọ̀ pé agbára rẹ̀ kò lè lọ sókè. Ó ti parí nìyẹn.

Onírin: V = x1² + x2² lèmi lò, ó yá ju tìrẹ lọ. Níbi tí x1 = 1, tí x2 = 0.1, V' jẹ́ nǹkan bíi +0.02. Ó ń lọ sókè! Lójú tèmi, kò dúró ṣinṣin.

Ìyá Ìbejì: Onírin, ìṣirò yín tọ̀nà, ìdájọ́ yín ni mi ò gbà. V yẹn ni kò bá a mu. Bí V kan bá kùnà, kò tíì sọ ohunkóhun nípa pẹ́ńdúlọ̀mù fúnra rẹ̀. Ẹ wá òmíràn.

Ọmọ Ọ̀wọ̀, tìrẹ náà ò tíì parí. -0.5x2² máa ń di òdo níbikíbi tí x2 bá ti jẹ́ òdo, igun yòówù kó wà. Ohun tóo ti fi hàn ni pé kò ní sá lọ, kì í ṣe pé yóò padà. Wo ibi tó ti dúró díẹ̀ kó tó yí padà: x2 jẹ́ òdo, ṣùgbọ́n x2' jẹ́ -sin(x1), kì í sì í ṣe òdo, nítorí náà kò lè pẹ́ níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ nìkan ló lè dúró sí. Èrò tí onímọ̀ ìṣirò Lasáàlì gbé jáde ní 1960 nìyí. Má sì gbàgbé ààlà rẹ̀: kí V ìbẹ̀rẹ̀ má tó 2, kí igun má sì kọjá π. Tó bá ju 2 lọ, ó lè fò kọjá orí òkè.

Òṣìṣẹ́ Iná: Ẹ̀rọ amúnáwá lèmi ń fi í yẹ̀ wò. Bí wáyà bá kanra, ẹ̀rọ á sáré. A ó wo agbára rẹ̀ nígbà tí a já ibi tó bàjẹ́ kúrò. Bí kò bá tó ti orí òkè, yóò padà bá àwọn yòókù rìn. Àmọ́ bí a bá ka iná tó ń ṣòfò lára wáyà mọ́ ọn, mi ò rí V kan tó mọ́ bíi ti pẹ́ńdúlọ̀mù yìí. Ìyá Ìbejì, kí lẹ̀yin ń ṣe síyẹn?

Ìyá Ìbejì: A máa ń fojú bu apá yẹn ni, ẹ̀rí kọ́ nìyẹn sì jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá.