Ìwé ọsíbítù láti Bálì: ta ló lè bá wa túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi ṣàìsàn ní Bálì, ó lo ọjọ́ márùn-ún ní ọsíbítù. Èdè Indonéṣíà ni wọ́n fi kọ ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó ń lọ sílé. Àwọn oní-ìnṣọ́ránsì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní Gẹ̀ẹ́sì làwọn fẹ́. Ta ni kí a gbé e fún?

Bàbá Tómíwá: Atúmọ̀ tó ti búra nìkan o. "Penerjemah tersumpah" ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Bí kò bá sí òǹtẹ̀ rẹ̀, wọn ò ní wò ó.

Ìyábọ̀ Houston: Ojú mi rí nǹkan nígbà tí mo fẹ́ gba owó ìtọ́jú màmá mi ní Ìbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé wa, síbẹ̀ wọ́n dá a padà torí rìsíìtì kan ṣoṣo. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín o!

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Bàbá Tómíwá, òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo oní-ìnṣọ́ránsì ló ń béèrè òǹtẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ bi tiyín kí ẹ tó náwó. Ẹ tún bi ọsíbítù bóyá dókítà lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Bó bá di títúmọ̀, ẹni tó mọ ìwé dókítà ni kí ẹ wá. Ìwé kan kọjá lọ́wọ́ mi tí wọ́n kọ "tifus" sí. Atúmọ̀ náà, tòun ti òǹtẹ̀ rẹ̀, sọ ọ́ di táífọ́ọ̀sì, àìsàn tí kòkòrò iná ara ń gbé kiri. Bẹ́ẹ̀ táífọ́ọ̀dù tiwa yìí ni àwọn ará Indonéṣíà ń pè ní "tifus". Àmì A01.0, irú èyí tí àwọn dókítà fi ń dá àìsàn mọ̀, tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo fi mọ̀, torí táífọ́ọ̀dù ló ni ín. A75 ni ti ìkejì. Lórí ìwé yẹn kan náà, "Leukosit 3.200", ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, di mẹ́ta àti díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé igba ni! Àmì ìdánudúró lọ́dọ̀ wọn ló ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀.

Ẹ tún wo "MRS" àti "KRS". Ọjọ́ tó wọ ọsíbítù àti ọjọ́ tó jáde ni. Ẹnìkan rò pé Mísíìsì ni "MRS", ló bá sọ ọkùnrin di obìnrin.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo rí "MRS" lóòótọ́. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ "Pulang APS". Kí nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Háà. Ó túmọ̀ sí pé àbúrò yín fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ máa lọ, kì í ṣe dókítà ló ní kó máa lọ.

Bàbá Tómíwá: Ẹ ní kí atúmọ̀ fo ibẹ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Rárá o, Bàbá. Àwọn oní-ìnṣọ́ránsì á gba ìwé ti Indonéṣíà mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni tó gbọ́ èdè náà bá sì kà á, wọ́n á ní ẹ fẹ́ fi nǹkan pa mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ bó ṣe rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Àbúrò mi ní dókítà sọ pé òun ti lè wọ bàálù. Kò sí nínú ìwé.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ bẹ ọsíbítù kí dókítà náà kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Bóyá wọ́n á gbà á ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi.