Kí ni ká pe ọ̀nà méjì tí a fi ń ka owó ọjà nígbà tí owó ọjà ń lọ sókè?

Olùtumọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń tú ètò ìṣirò ọjà kan sí Yorùbá. Níbi tí wọ́n ti ní kí èèyàn yan bí wọn ó ṣe máa ka owó ọjà, nǹkan méjì ló wà lójú ẹ̀rọ: `FIFO` àti `Weighted Average`. Mo kọ "àkọ́wọlé-àkọ́jáde" sí ti àkọ́kọ́, mo kọ "ìpíndọ́gba oníwọ̀n" sí ìkejì. Ṣé wọ́n á yé èèyàn? Àyè tí mo ní kò gbà ju lẹ́tà 16 lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti àlàfo àti àmì ìsopọ̀.

Olùkọ́ èdè: Àkọ́wọlé dára létí, ó bá àkọ́bí àti àkọ́so rìn. "Oníwọ̀n" ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, òṣùwọ̀n ni ọkàn rẹ̀ máa lọ bá, tàbí ẹni tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìpíndọ́gba náà jẹ́ ọmọlúàbí.

Oníṣòwò: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Taya ni mò ń tà. Ọmọ tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ mi, tuntun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń gbé fún oníbàárà, àwọn tó ti pẹ́ á wà lẹ́yìn, rọ́bà wọn á máa gbẹ. Àkọ́wọlé-àkọ́jáde gan-an ni mò ń kìlọ̀ fún un lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìkejì ni kò yé mi. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ gbé ìpíndọ́gba taya fún oníbàárà?

Akáńtáǹtì: Ìyá, ẹ ṣeun, ìbéèrè yín gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí ẹ ń sọ fún ọmọ sítọ́ọ̀ yín, ọ̀rọ̀ taya ni. Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ owó ni. Taya tó jáde lónìí lè jẹ́ èyí tó dé lánàá, kí ìwé sì yọ owó èyí tí ẹ rà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń ta epo láti inú táńkì. Tuntun ti dà mọ́ ògbólógbòó, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó kọ́kọ́ wọlé nínú wọn mọ́, síbẹ̀ ó lè yan `FIFO` nínú ìwé rẹ̀, ìṣirò rẹ̀ á sì tọ́. Nítorí náà ni "àkọ́wọlé-àkọ́jáde" kò ṣe dùn mọ́ mi. Ó ń júwe ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀. Èmi ìbá sọ pé "owó àkọ́rà ṣáájú": owó tí a fi ra ti àkọ́kọ́ ni ìwé á kọ́kọ́ yọ.

Ẹ jẹ́ ká fi taya wọn náà ṣe é. Ká ní 100 wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tí a ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 100. A tún ra 100 mìíràn ní 120 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjà tún gbówó lórí, a ra 200 ní 150. Taya 400 nìyẹn, gbogbo owó tó bá wọn lọ jẹ́ 52,000. A ta 250, 150 kù nílẹ̀.

Bí a bá ní kí owó àkọ́rà ṣáájú, a ó kó 10,000 ti àkọ́kọ́ tán, a ó kó 12,000 ti ìkejì tán, a ó wá mú 50 nínú ti ìkẹta, ìyẹn 7,500. Owó ọjà tí a tà jẹ́ 29,500. 150 tó kù ṣì ń jẹ́ 150 lọ́kọ̀ọ̀kan, 22,500.

Bí a bá da gbogbo owó pọ̀ tí a pín in, 52,000 lọ́nà 400 jẹ́ 130. Owó ọjà tí a tà di 32,500, ti ilẹ̀ di 19,500. Bí a bá ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 200, owó tó wọlé jẹ́ 50,000 ní ọ̀nà méjèèjì, àmọ́ èrè kan jẹ́ 20,500, èkejì 17,500. Taya kan náà, oníbàárà kan náà, 3,000 ló fi yàtọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìpíndọ́gba 100, 120 àti 150 kì í ṣe 123 àti díẹ̀? Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ wa ní ìṣirò: ro iye pọ̀, pín in lọ́nà mẹ́ta. Níbo lẹ ti rí 130? Lójú tèmi, "ìpíndọ́gba" lásán ti tó, kí la fẹ́ fi oníwọ̀n ṣe?

Akáńtáǹtì: Ohun tí a fẹ́ fi í ṣe nìyẹn, àbúrò. Ìwọ pín iye lọ́nà mẹ́ta bí ẹni pé iye taya tí a rà ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. 200 la rà ní 150, ó yẹ kí 150 fa ìpíndọ́gba mọ́ra ju àwọn yòókù lọ. Bó o bá fẹ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, fi 123 àti díẹ̀ rẹ ka ọjà tí a tà, yóò jẹ́ nǹkan bí 30,833. Fi ka èyí tó kù, 18,500. Ro méjèèjì pọ̀, 49,333 ni. Owó tó jáde lápò jẹ́ 52,000. Níbo ni 2,667 wọlẹ̀ sí? Ọ̀nà yòówù kí èèyàn gbà, owó ọjà tí a tà pẹ̀lú owó ọjà tó kù gbọ́dọ̀ padà di gbogbo owó tí a fi rà wọ́n. Bí kò bá dé ibẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè mọ́.

Olùkọ́ èdè: Ó dáa, a ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé iye ọjà wà nínú rẹ̀. Kí la rí sí "àdàpọ̀-pín"? Da gbogbo owó pọ̀, pín in fún gbogbo ọjà. Ẹni tó bá ń sọ Yorùbá lójoojúmọ́ máa mọ ohun tí à ń ṣe kó tó mọ ohun tó ń jẹ́.

Oníṣòwò: Àdàpọ̀-pín yé mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ èrè yẹn ló ń dùn mí. Ní ọdún kan ni ẹni tó ń bá mi kọ ìwé sọ fún mi pé èrè mi pọ̀ gan-an. Inú mi dùn, mo mú owó náà ná sórí ilé tí mò ń kọ́. Nígbà tí mo padà lọ rajà, iye taya tí mo tà, owó ọwọ́ mi kò tó o rà mọ́. Mo rò pé wọ́n jà mí lólè ni. Ṣé `FIFO` yìí ló ṣe mí bẹ́ẹ̀?

Akáńtáǹtì: Ó lọ́wọ́ sí i, ìyá, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ ta 250. Láti fi 250 mìíràn rọ́pò wọn ní iye tòní, 37,500 lẹ máa san. Owó àkọ́rà ṣáájú yọ 29,500 péré sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ọjà, nítorí náà 8,000 nínú ohun tó pè ní èrè, ojú owó yín ni. Àdàpọ̀-pín yọ 32,500, òun náà fi 5,000 pamọ́ sínú èrè. Kò sí èyí tó yọ gbogbo 37,500 náà sọ́tọ̀, torí pé àwọn méjèèjì ń wo owó tí ẹ san nígbà náà, kò sí èyí tó ń wo owó tí ẹ máa san lọ́la. Ìyàtọ̀ wọn ni pé owó àkọ́rà máa ń pẹ́ lẹ́yìn ọjà jù. Ibi tí mo ti gbà fún un ni ọjà tó kù: 22,500 tó pè é sún mọ́ ohun tí ọjà ń jẹ́ lónìí ju 19,500 lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹni tó bá wá yan àdàpọ̀-pín ti jèrè nìyẹn. Èrè kéré, owó orí kéré, ó sì ti bọ́ pátápátá.

Akáńtáǹtì: Kéré lọ́dún yìí, bẹ́ẹ̀ ni. Bọ́ pátápátá, rárá. Ká ní lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n ta 150 tó kù tán láìra òmíràn. Ọ̀nà àkọ́kọ́ máa yọ 22,500, ìkejì á yọ 19,500. 3,000 tó sá nígbà yẹn padà wá jókòó sínú èrè. Bí owó ọjà bá ń lọ sókè tí sítọ́ọ̀ kò sì ṣófo, ó lè pẹ́ kó tó padà, àmọ́ kì í ṣe pé 3,000 tuntun ń yọ lọ́dọọdún. Ohun tí ìyàtọ̀ tó wà nínú ọjà ilẹ̀ fi ga ju ti ọdún tó kọjá lọ nìkan ló ń wọ èrè.

Oníṣòwò: Ṣé mi ò wá lè lo àkọ́kọ́ fún báńkì, kí wọ́n rí èrè gidi, kí n lo ìkejì fún àwọn agbowó-orí?

Akáńtáǹtì: Ìyá! Ìlànà kejì nínú àwọn ìlànà ìṣirò owó àgbáyé sọ pé ọjà tó bá jọra, tí ìlò wọn sì jọra, ọ̀nà kan náà la gbọ́dọ̀ fi ka owó wọn. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ dúró tì í.

Olùtumọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ìṣòro mìíràn yọjú. Mo ṣí ètò náà wò, mo fi taya 400 yín sínú rẹ̀. Mo ní kó lo `Weighted Average`, 142 ló pè é lẹ́yìn ríra ìkẹta, kì í ṣe 130. Ṣé àdàpọ̀-pín wa kò dára ni?

Akáńtáǹtì: Ìgbà wo lo ní wọ́n ta àwọn 250 náà?

Olùtumọ̀: 150 jáde kí ríra ìkẹta tó dé, 100 jáde lẹ́yìn rẹ̀.

Akáńtáǹtì: Ó yé mi. Ètò yẹn kò dúró de ìparí àkókò ìṣirò. Gbogbo ìgbà tí ọjà bá wọlé ló ń tún un pín. Ọgọ́rùn-ún méjì àkọ́kọ́ jẹ́ 110 lọ́kọ̀ọ̀kan. 150 jáde ní 110, ìyẹn 16,500, ó ku 50 tó jẹ́ 5,500. 200 wọlé pẹ̀lú 30,000, ó di 250 tó jẹ́ 35,500, ìyẹn 142. 100 jáde ní 142. Owó ọjà tí a tà wá jẹ́ 30,700, ti ilẹ̀ 21,300. Ro wọ́n pọ̀, 52,000, kò sí ohun tó sọnù. Ìlànà àgbáyé gba méjèèjì láàyè, ṣùgbọ́n bó o bá kọ orúkọ kan náà sí wọn lára, ẹni tó fi ọwọ́ ṣírò lóṣù máa rò pé ẹ̀rọ ń purọ́ fún òun.

Olùkọ́ èdè: "Àdàpọ̀-pín ìparí" fún èyí tó dúró, "àdàpọ̀-pín àtúnṣe" fún èyí tó ń yí.

Akẹ́kọ̀ọ́: Àtúnṣe ti dà bí ẹni pé èèyàn ṣe àṣìṣe tẹ́lẹ̀. "Àtúnpín" ńkọ́?

Olùkọ́ èdè: Àtúnpín? Bí ẹni pé wọ́n tún ogún pín láàárín ọmọ ìyá. Jẹ́ kí n sùn lé e lórí ná.

Olùtumọ̀: Mo ti kọ "owó àkọ́rà ṣáájú" sí ti àkọ́kọ́, ó gba àyè. "Àdàpọ̀-pín àtúnpín" lé díẹ̀ ju àyè mi lọ, "àdàpọ̀-pín" nìkan ni mo ṣì fi síbẹ̀. Mo wá kọ gbólóhùn kan sí abẹ́ rẹ̀ pé ọjà tuntun kọ̀ọ̀kan ló ń yí iye náà padà. Ìyá, ṣé ẹ lè wò ó bóyá ó yé yín?

Oníṣòwò: Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ sítọ́ọ̀ mi ṣì ń gbé tuntun.