"Tíì ewé" àbí "ewé tíì": kí ni ká kọ sára páálí?

Oníbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ewé tíì gbígbẹ àti atalẹ̀ ni mo fẹ́ máa dì sínú àpò kéékèèké tà. Iwájú páálí: "Tíì Ewé. Ó ń lé ibà." Ẹ̀yìn: "Àtayébáyé làwọn baba ńlá wa ti ń mu ún. Rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5." Ṣé Yorùbá yìí dáa?

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn: Àgbo ni kẹ́ ẹ pè é jàre! Ewé àti egbò tá a bá ti fi omi gbígbóná sí, àgbo ni, kí la tún ń wá tíì òyìnbó kiri fún?

Èmi: Ẹ̀gbọ́n, ewé lóòótọ́ o, àmọ́ àìsàn ló máa ń tẹ̀ lé orúkọ àgbo, àgbo ibà, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹni tára ẹ̀ dá tó kàn fẹ́ mu nǹkan gbígbóná nírọ̀lẹ́ ò ní fọwọ́ kàn án. "Tíì Ewé" náà ò sì ràn wá lọ́wọ́ torí lẹ́nu wa Mílò gan-an tíì ni, ẹni tó bá sì ń sáré kàwé á kà á sí ewé tíì, ìyẹn orúkọ ewé yẹn fúnra ẹ̀. Ẹ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀: "Ewé Tíì àti Atalẹ̀." Ìlà kejì: "Ó ń ta sánsán."

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ "ó ń lé ibà" kúrò. Oògùn lẹ sọ ọ́ dà yẹn, NAFDAC á sì bi yín, àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹni tí ibà ń ṣe táá máa mu ún lọ́jọ́ mẹ́ta dípò kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.

"Rẹ ẹ́" náà, ìyá mi á da omi tútù sí i bíi ẹ̀wà ni. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e, dé kọ́ọ̀pù náà, fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10." Ẹ má yọ dídé yẹn o, òórùn ewé yìí máa ń bá ooru lọ ni, ẹ ṣí ọmọrí ẹ gbóòórùn omi tó sẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ẹ máa rí i.

Tàwọn baba ńlá yẹn ńkọ́? Éṣíà ni koríko yìí ti wá. Ẹ sọ ìtàn tiyín: "Ẹ̀yìn ilé wa la ti gé e, abẹ́ òrùlé la sá a sí."

Ìyá oní-sóbò: Èmi kọ "Omi Ìṣápá" sára ike tèmi, kò sẹ́ni tó rà á, àfìgbà tí mo kọ Sóbò. Níbo lẹ ti ń ra páálí yín ná?

Oníbéèrè: Àwọn ará ilé mi ò mọ ewé tíì o, koríko ọba ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn: Ẹ wá kọ méjèèjì nìyẹn. Àgbo ṣì ni lójú tèmi.

Èmi: Méjèèjì á gùn jù níwájú. Èwo lẹ ń gbọ́ lọ́jà tẹ́ ẹ ti fẹ́ tà á gan-an?