"Ọwọ́ ò ní kúrò láwo": báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fáwọn Haúsá?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Èlùbọ́ ni mò ń dì sínú ọ̀rá tà ní Bódìjà. "Ọwọ́ ò ní kúrò láwo" ni mo kọ sí i lára, mo sì ya ọwọ́ àti àwo sábẹ́ rẹ̀. Mo wá fẹ́ máa tà á fáwọn Haúsá ní Sábó. Ẹni tó bá mi túmọ̀ rẹ̀ tú u ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo fún ọmọ Sábó mìíràn tí kò tíì rí ti Yorùbá, mo ní kó sọ ohun tó yé e. Ó ní: "Ṣé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni?" Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ adùn ti bọ́ sọ nù, ọwọ́ nìkan ló kù.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ọmọ Sábó náà, ó ní Haúsá ní "sántì": ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tó ń já bọ́ lẹ́nu ẹni tí oúnjẹ dùn mọ́ jù. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnu ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́.

Tí mo bá lo sántì, ṣé kí n yọ àwòrán ọwọ́ náà, àbí kí n fi í sílẹ̀ kí wọ́n lè dá ọjà mi mọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe?